Egbò Tí Kò Dun Ìyá Elélùbọ́

Ẹsẹ̀ ni ẹni tó ń ta èlùbọ́ fi ń jẹun. Òun ló fi ń dúró ti ọjà ní Bódìjà, n'Íbàdàn, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òun náà ló fi ń rìn láàárín àpò nígbà tó bá lọ kó ọjà ní Ṣakí tàbí Ìgbòho. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ìyá Elélùbọ́ ni n óò máa pè é. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Mo kó ìtàn rẹ̀ jọ láti ara ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ń bá pàdé nígbà gbogbo, kí a lè tẹ̀lé egbò kan ṣoṣo láti ọjọ́ tó dé títí di ọjọ́ tó jinná.

Ọmọ ọdún 54 ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀, ó wọ bàtà kánfáàsì lọ sí Ṣakí. Ó ná ọjà, ó bá wọn ka àpò, ó sì dúró ti àwọn alábàárù títí wọ́n fi di ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó délé. Nígbà tó bọ́ bàtà, òkúta wẹ́wẹ́ kan tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ já bọ́ láti inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ wò, ó rí i pé awọ ti bó lábẹ́ ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó fi ìka tẹ ojú ibẹ̀.

"A dúpẹ́," ló sọ, "kò tiẹ̀ dùn mí."

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kó kó o láyà sókè. Ẹni tí ara rẹ̀ pé kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta láti àárọ̀ di alẹ́ kó má mọ̀. Kò ní rìn jìnnà tí yóò fi jókòó, tí yóò sì gbọn bàtà rẹ̀. Bí Ìyá Elélùbọ́ kò ṣe mọ̀ pé òkúta wà níbẹ̀, tí ojú egbò kò sì dùn ún, àìsàn kan ti wà lára rẹ̀ kí egbò tó dé. Egbò ló wá tú àṣírí àìsàn náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ṣòfò

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Ìyá Elélùbọ́ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe. Ó po omi gbígbóná pọ̀ mọ́ iyọ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ra kápúsù ní kẹ́míìsì, ó ṣí i, ó sì da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Kò sí èyí tó ràn án lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora kò mọ omi tó gbóná jù pẹ̀lú. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè bó nínú abọ́ omi kí olúwa rẹ̀ má mọ̀ àfi tó bá rí awọ tó ń léfòó. Ìyẹ̀fun kápúsù ní tirẹ̀ a máa gbẹ mọ́ ojú egbò, a sì máa bo ohun tó ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Mímu ni wọ́n ṣe oògùn náà fún, kì í ṣe dídà sójú egbò.

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ju ìwọ̀nyí lọ ni pé kò sinmi. Kí ló fẹ́ mú un sinmi nígbà tí kò sí ìrora? Ó ń dúró ti ọjà, ó ń rìn, gbogbo ìgbà tó bá sì gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ ni ìwúwo ara rẹ̀ ń tẹ ojú egbò náà. Awọ yigbì bẹ̀rẹ̀ sí í yí egbò ká, ó ga, ó le. Ó rò pé egbò ti ń san ni. Awọ yigbì yẹn kì í ṣe àmì ìwòsàn. Ohun tí ara ń ṣe ní ibi tí wọ́n bá ń tẹ̀ léraléra ni, bó bá sì ti nípọn tó ni yóò ṣe máa tẹ ẹran abẹ́ rẹ̀ mọ́ egungun tó. Ihò kékeré ni ojú ń rí láàárín rẹ̀, omi sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Nísàlẹ̀, egbò ń fẹ̀ sí i.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin tó ń ta ata létí ìsọ̀ rẹ̀ fà á sẹ́yìn.

"Ìyá Elélùbọ́, egbò tí kò dun èèyàn, tí kò sì fẹ́ jinná, ẹ rò pé ojú lásán ni? Ẹ ti tẹ nǹkan ni o. Ẹnì kan ti ṣe àsàsí sí yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, nítorí ó bá ohun tó ń rí mu. Egbò tó yẹ kó dun ni tí kò dun ni, tó yẹ kó jinná tí kò jinná, àdììtú ni lójú ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fún un ní ẹ̀bu dúdú, ó ń fi wọ́n ojú egbò. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ̀bu náà ṣe fún Ìyá Elélùbọ́ ni mo fẹ́ sọ: ó sọ ojú egbò di dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ẹran abẹ́ rẹ̀ pọ́n tàbí ó ti kú, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé, ó gbóòórùn. Ẹsẹ̀ ti wú, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, ó sì gbóná ju èkejì lọ. Bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Síbẹ̀, ìrora tó wà níbẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, ibà kò sì mú un. Ọmọ náà kò bá a jiyàn. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ohun tí nọ́ọ̀sì béèrè

Nọ́ọ̀sì tó gbà á kò kọ́kọ́ wo egbò. Ó jókòó tì í, ó ń béèrè ohun tí Ìyá Elélùbọ́ kò retí.

"Mà, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń dìde tọ̀ lóru?"

"Ọmọ mi, ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Àgbà ló ń dé."

"Òùngbẹ ń kó?"

"Omi kì í tó mi."

"Ẹ tún ń rù?"

Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn, ó ní ìró kò dúró ní ìdí màmá òun mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè nípa ẹsẹ̀, Ìyá Elélùbọ́ ní ó ti tó ọdún méjì tí àtẹ́lẹsẹ̀ òun ti ń jó lálẹ́, nígbà mìíràn yóò dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, nígbà mìíràn òun kò ní mọ̀ bóyá sálúbàtà wà lẹ́sẹ̀ òun tàbí ó ti bọ́.

Nọ́ọ̀sì gún un ní orí ìka, ó gba ẹ̀jẹ̀ tó kán, ó fi sínú ẹ̀rọ kékeré. Ẹ̀rọ náà ka 342. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ṣúgà inú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan tó mílígíráàmù 342. Ẹni tí kò ní àìsàn yìí, tí kò tíì jẹun láàárọ̀, kì í sábà tó 100. Bó bá tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀ kí èèyàn tó jẹun, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni. Bó bá sì tó 200 nígbàkígbà, tí òùngbẹ, ìtọ̀ àtọ̀tọ̀ àti rírù wà pẹ̀lú rẹ̀, kò sí iyèméjì mọ́. Àtọ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ti ń bá Ìyá Elélùbọ́ gbé fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì mú fọ́nrán náílọ́ọ̀nù kan jáde. Wọ́n ṣe fọ́nrán yìí lọ́nà tó jẹ́ pé bí a bá fi orí rẹ̀ tẹ awọ títí tó fi tẹ̀ kọdọrọ, agbára tó tẹ awọ náà kò ju ìwọ̀n gíráàmù 10 lọ. Ó ní kí Ìyá Elélùbọ́ di ojú, kó máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbàkígbà tí nǹkan bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi fọ́nrán náà kan ibi mẹ́wàá. Ibi mẹ́ta péré ló gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" sí. Ìyá Elélùbọ́ la ojú, ó ní, "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ọlọ́dẹ tó ti sùn

Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a máa ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ jẹ́. Àwọn tó gùn jù ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, àwọn tó sì gùn jù ni àwọn tó lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi ń kú láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, nígbà tí ọwọ́ ṣì ń mọ nǹkan. Jíjó àti ìrìn èèrà tó ń bá a lálẹ́ ni igbe tí àwọn iṣan náà ń ké kí wọ́n tó dákẹ́.

Ìrora ni ọlọ́dẹ ẹsẹ̀. Òun ló ń jí wa pé ìṣó wà níbí, iyanrìn gbóná, bàtà fún, kí a gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí ọlọ́dẹ bá ti sùn, kò sí olè tí kò lè wọlé. Ní Tànsáníà, àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn alátọ̀gbẹ kan jí láàárọ̀, wọ́n rí i pé eku ti jẹ ìka ẹsẹ̀ wọn mọ́jú, wọn kò sì mọ̀. Ẹni tó ń kó èlùbọ́ pamọ́ sílé yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Pọ́ọ̀lù Bráńdì ló la ojú ayé sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó dé ìlú Fẹ́lọ́ọ̀ ní Íńdíà ní 1946, ó ń tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹran ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tán. Bráńdì rí i pé bí a bá dáàbò bo ẹsẹ̀ adẹ́tẹ̀, tí a kò jẹ́ kó fi tẹlẹ̀ títí egbò fi pa dé, egbò náà ń jinná. Ẹran náà kò burú. Ìrora tó yẹ kó ṣọ́ ọ ni kò sí mọ́. Lẹ́yìn ìgbà tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọgbọ́n kan náà fún ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ.

Ọ̀nà kejì tí àtọ̀gbẹ ń gbà dí ìwòsàn lọ́wọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ bá kòkòrò jà dáadáa. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ Ìyá Elélùbọ́ fi lè ní ọyún nínú láìsí ibà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó lè mú kí òpójẹ̀ ẹsẹ̀ dín. Nọ́ọ̀sì fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀ nínú. Ó bá a níbẹ̀, ó ń lù dáadáa. Èyí ni ìròyìn ayọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìyá Elélùbọ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, kò sí ìtọ́jú egbò tó lè jẹ́ lórí rẹ̀ àfi bí àwọn dókítà òpójẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀.

Bí egbò náà ṣe jinná

Wọ́n dá a dúró. Wọ́n fún un ní ínsúlínì kí ṣúgà lè wálẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn apakòkòrò nítorí wíwú àti pípọ́n tó ti gun ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Dókítà fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò mú wádìí ìsàlẹ̀ egbò wò bóyá yóò kan egungun. Kò kan án. Àwòrán egungun tí wọ́n yà sì mọ́. Ká ní kòkòrò ti wọ egungun ni, oògùn yóò gùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n sì lè ní láti gé ọmọ ìka náà.

Dókítà wá mú abẹ, ó gé gbogbo awọ yigbì àti ẹran tó ti kú kúrò. Egbò tó dà bí ihò kékeré tẹ́lẹ̀ wá fẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ Ìyá Elélùbọ́ ké, ó rò pé wọ́n ti ba ẹsẹ̀ màmá òun jẹ́. Dókítà ṣàlàyé fún un pé bó ṣe tóbi tó tẹ́lẹ̀ nìyẹn, òrùlé orí rẹ̀ ni òun ká kúrò. Wọ́n wọ̀n ọ́n: gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, ìbú rẹ̀ jẹ́ 1.5.

Ìtọ́jú tó ṣòro jù fún un kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í sì ṣe abẹ. Wọ́n ní kó má fi iwájú ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá. Wọ́n ṣe bàtà kan fún un tó gbé ìwúwo ara kúrò níwájú ẹsẹ̀ lọ sí gìgísẹ̀, wọ́n fún un ní ọ̀pá méjì, wọ́n sì kìlọ̀ pé lílọ sí ilé ìtọ̀ lóru pàápàá, kò gbọdọ̀ ṣe é láìwọ bàtà náà. Àwọn ilé ìwòsàn tó bá ní ohun èlò a máa fi símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń di egungun yí ẹsẹ̀ láti orókún wá sílẹ̀, kí aláìsàn má lè bọ́ ọ. Ọ̀nà yẹn ló dára jù fún egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò ní kòkòrò, nítorí pé bàtà tó ṣeé bọ́, èèyàn a máa bọ́ ọ.

Ìyá Elélùbọ́ ní, "Ọjà mi ń kọ́?" Ọmọ rẹ̀ gba ìsọ̀. Ẹni tó ń kó ọjà fún un láti Ṣakí bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò ránṣẹ́, ó sì ń fi fóònù ka owó. Èrè oṣù mẹ́ta yẹn kéré. Ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gé awọ yigbì tó bá tún hù, omi iyọ̀ tó mọ́ ni wọ́n fi ń fọ egbò, báńdéèjì tó mọ́ ni wọ́n fi ń bò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n tún wọ̀n ọ́n: gígùn 1.2, ìbú 1. Bí a bá sọ gígùn di púpọ̀ lọ́nà ìbú, 3 ti di 1.2, egbò ti dín ju ìdajì lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹrin yìí ni àwọn dókítà fi ń ṣe ìdánwò. Egbò tí kò bá dín tó ìdajì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nǹkan kan ṣì wà tí a kò rí: bóyá ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀, bóyá kòkòrò wà nínú egungun, bóyá aláìsàn ń fi ẹsẹ̀ náà rìn. Ìgbà náà ni kí a tún gbogbo rẹ̀ wò, kì í ṣe pé kí a máa pààrọ̀ ìpara. Ti Ìyá Elélùbọ́ pa dé ní ọ̀sẹ̀ kejìlá.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, tí wọ́n ṣe lára aláìsàn 336 tó ní egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà, fi hàn pé ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta wọn ni wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, nǹkan bí ìdá márùn-ún wọn ló sì kú. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti dúdú, tí kòkòrò ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, gígé ẹsẹ̀ ló ń gba ẹ̀mí là, ẹni tó bá sá fún un lè pàdánù ju ẹsẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni egbò wọn bẹ̀rẹ̀ bí ti Ìyá Elélùbọ́, pẹ̀lú awọ tó bó díẹ̀ tí kò sì dun ẹnikẹ́ni.

Ohun tí egbò kọ́ ọ

Nọ́ọ̀sì sọ fún un lọ́jọ́ tí egbò pa dé pé iṣẹ́ kò tíì tán. Nínú ẹni mẹ́wàá tí irú egbò yìí jinná lẹ́sẹ̀ wọn, nǹkan bí mẹ́rin ni òmíràn máa ń yọ sí kí ọdún kan tó pé, nítorí egbò ló san, ìmọ̀lára tó kú kò jí. Nítorí náà, Ìyá Elélùbọ́ fi ojú rọ́pò ohun tí ìrora ń ṣe fún un tẹ́lẹ̀. Lálaalẹ́, ó ń gbé dígí sílẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń ya ọmọ ìka wo àárín wọn. Awọ tó bó, ibi tó pọ́n, awọ yigbì tó ń dúdú láàárín, gìgísẹ̀ tó la: ohun tó ń wá nìyẹn. Ó ń fi òrí pa gìgísẹ̀ kó má baà la, kì í fi sí àárín ọmọ ìka, nítorí pé ibẹ̀ yóò rin. Kì í ki bàtà bọ ẹsẹ̀ láì kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Kì í rìn láìwọ bàtà, inú ilé pàápàá. Ìgúnpá ló fi ń tọ́ omi ìwẹ̀ wò.

Ó tún kọ́ àyẹ̀wò kan tí kò gba ohun èlò, ó sì ń ṣe é fún àwọn aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Àwọn dókítà ìlú Ípúsíwíìṣì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e kalẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ yẹ̀ wò yóò dùbúlẹ̀, yóò di ojú. Ẹlòmíràn yóò fi orí ìka ìlábẹ̀ kan orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ ìka àárín àti èyí tó kéré jù, lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ibi mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Kíkàn fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ rìn ín, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ní ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ̀lára ti ń kú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa. Obìnrin tó ń ta ata, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ àsàsí níjọ́sí, kò mọ̀ ọ́n ní ibi mẹ́ta. Àtọ̀gbẹ tirẹ̀ ti pé ọdún mẹ́jọ, kò sì sí ẹni tó tíì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

Ìyá Elélùbọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tó wọlé, ó sọ fún un pé wọ́n lè wọn ṣúgà rẹ̀, kí wọ́n kọ oògùn, kí wọ́n ní kó máa lọ. Ó ní, "Bí wọn kò bá ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ fúnra yín, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n rí i."